Méjì Nínú Ogún

Ìyàwó mi ló ní ká wá iṣẹ́ lọ sí Àbíjàn. Iléèwé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ́ ọmọ nígbà náà, mo sì ti gbà pé ibẹ̀ ni màá ti hu ewú. Òun kò gbà. Ó gbọ́ pé ilé ìṣòwò Faransé kan ń wá akọ̀wé tí yóò máa bá wọn kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn oníbàárà wọn ní Èkó, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù kí a tó kọ ọ̀rọ̀ kan sórí ìwé.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé ẹ̀rí ìdánwò mi. Faransé ni wọ́n ń kà lọ́hùn-ún. Oníṣòwò kan ní Takie nínú ìlú wa, tó ti pẹ́ nílẹ̀ Faransé, bá wa túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí mo fi ròyìn ara mi: ọjọ́ orí, iléèwé tí mo lọ, iṣẹ́ tí mo ti ṣe, ìyàwó kan. A fi ránṣẹ́. Kí èsì tó dé, ibà dá ìyàwó mi dùbúlẹ̀. A gbé e lọ sí ọsibítù, kò sì padà wálé.

Mi ò sunkún. Àwọn èèyàn ń wò mí bí ẹni ń wo ọbẹ̀ tó fẹ́ ru lórí iná. Mo ń jẹun, mo ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á ní "Ẹ kú ìrọ́jú," èmi náà á ní "A dúpẹ́." Inú mi ò dùn, kò sì bàjẹ́. Ó kàn wà níbẹ̀ ni.

Èsì dé. Oníṣòwò náà kà á fún mi: ìwé mi wù wọ́n, ṣùgbọ́n báwo ni ẹni tó gba méjì nínú ogún nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe fẹ́ máa kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì? Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, kí n wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tún un túmọ̀, kó sì fọwọ́ sí i.

"Méjì ni mo rí, méjì ni mo kọ," oníṣòwò náà fárígá. "Ogún sì ni wọ́n fi ń díwọ̀n máàkì lọ́hùn-ún. Àbí kí n bù ú kún fún ọ ni?"

Bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, yàrá wa ni màá máa gbé, èmi àti ẹrù tí ìyàwó mi ti dì sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi wọ lọ́rì lọ sí Ọ̀yọ́, lọ bá bàbá kan tó ń kọ́ni ní ìjọ Àgùdà. Ọmọ Àjàṣẹ́ lápá ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé ni, iléèwé Faransé ló sì lọ.

Ó wo ìwé méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Ọmọ mi, ta ló fi èyí bà ọ́ jẹ́? Lọ́dọ̀ yín, ení ló ga jù, ẹ̀sán ni àìyege. Lọ́dọ̀ ti Faransé, ogún ló ga jù. Wọ́n ti sọ olórí kíláàsì di olódo!"

"Bàbá, ẹ kúkú bá mi kọ méjìdínlógún."

"Rárá o. Ta ló sọ fún mi pé méjì yín bá méjìdínlógún wọn dọ́gba? Bí mo bá bù ú kún, irọ́ ni. Bí mo bá fi í sílẹ̀ láìṣàlàyé, irọ́ náà ni."

Méjì ló kọ, bó ṣe wà gan-an. Ó fi orúkọ ìwé ẹ̀rí náà sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kò pè é ní orúkọ ìwé ẹ̀rí Faransé kankan. Nísàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé àlàyé òun olùtumọ̀ nìyí: ení àti èjì dára púpọ̀, ẹ̀ta dé ẹ̀fà dára, èje àti ẹ̀jọ yege, ẹ̀sán kùnà. "Ohun tó bá a dọ́gba lọ́dọ̀ wọn," ó ní, "àwọn ni kó sọ ọ́."

Ó wá mú ìwé kejì. "Ìyàwó kan. Ṣé ẹ jọ ń lọ ni?"

"Ó ti kú, Bàbá."

Ó gbé kálàmù sílẹ̀. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Ó tún mú kálàmù rẹ̀. "Ìwé ẹ̀rí, mi ò gbọdọ̀ yí i padà. Ṣùgbọ́n èyí, ìwọ lo ni ín. Kí ni kí n kọ?"

"Ẹ kọ bó ṣe wà báyìí."

Ọ̀rọ̀ kan péré ló kọ, èyí tí Faransé fi ń pe ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Mo ń wo yíǹkì náà títí ó fi gbẹ, kò sì sí ohun tó ṣe mí. Bàbá fọwọ́ sí i, fádà ìjọ náà sì fọwọ́ tirẹ̀ sí i, ó lu òǹtẹ̀ ìjọ. Bàbá ní ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ni kí n fi ránṣẹ́, kí n mú ojúlówó rẹ̀ padà sílé.

Nígbà tí èsì kejì dé, oníṣòwò Takie fò sókè. "Wọ́n ti gbà ọ́! Àlàyé yẹn yé wọn!" Ó ń kà á lọ, ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. "Wọ́n ní yàrá méjì ni àwọn máa ń fún ẹni tó ní ìyàwó. Níwọ̀n bó ti jẹ́ ìwọ nìkan ni, ibùsùn kan láàárín àwọn àpọ́n tó ọ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo délé, mo tú ẹrù tí ìyàwó mi dì, kí n lè mú èyí tó jẹ́ tèmi níbẹ̀. Abọ́ méjì, ife méjì, ìrọ̀rí méjì. Mo yọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé orí ìrọ̀rí, ẹkún gbé mi, mi ò sì rí i dá dúró.