Àmì “Ó Rọrùn” Tó Wà Lára Ìbéèrè Líle

Ọkùnrin tó kọ́ mi ní ìṣirò ní Bantè, tó jẹ́ pé ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ ni mo fi di olùkọ́, òun ni mo dójú tì lójú gbogbo ẹgbẹ́ wa ní Savalou. Títí di òní, bí mo bá rántí ọjọ́ náà, ńṣe ni mo máa ń wolẹ̀.

Àwa olùkọ́ ìṣirò láti Bantè àti Savalou a máa pàdé nínú yàrá ìkàwé kan ní Savalou láti ṣètò ìdánwò àjùmọ̀ṣe. Láyé àtijọ́, bí ìdánwò bá ń bọ̀, ẹnì kan ni yóò kó ìwé ká iwájú, tí yóò máa ṣa ìbéèrè bí ẹni ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Nígbà tó yá, a fẹnu kò pé kí a kó gbogbo ìbéèrè wa sínú kọ̀ǹpútà, kí á so àmì mẹ́ta mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹ̀kọ́ tó ti jáde, bí ó ṣe le tó, àti ohun tí ọmọ tó bá rí i dáhùn yóò fi hàn pé òun lè ṣe. Bí a bá wá ń fẹ́ ìdánwò, a ó sọ fún ẹ̀rọ pé, “Mú ìbéèrè lórí ìdá-nínú-ọgọ́rùn-ún wá, kí èyí tó rọrùn pọ̀, kí èyí tó le jẹ́ díẹ̀,” yóò sì kó wọn jáde kí á tó mu omi tán.

Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe ojú ewé tí a ó ti máa tẹ ìbéèrè wọlé lórí kọ̀ǹpútà. Ní ibi tí èèyàn ti ń yan bí ìbéèrè ṣe le tó, mo jẹ́ kí “ó rọrùn” ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí pé ìbéèrè tó rọrùn ló pọ̀ jù. Ẹni tó bá fẹ́ òmíràn ni yóò yí i padà. Gbogbo wọn yìn mí pé mo gba àwọn lọ́wọ́ wàhálà.

Bàbá Olùkọ́, ẹni tó kọ́ mi ní Bantè, kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì nígbà náà; Tchetti, ní agbègbè Savalou, ló ti wá ń kọ́ni. Ìbéèrè tirẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àkójọ wa, wọ́n sì dùn ún rò. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wọ́n sórí ìwé, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti jáde àti ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ lè ṣe, ọmọbìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé sì tẹ̀ wọ́n sí kọ̀ǹpútà fún un. Bí wọ́n ṣe le tó nìkan ló kù kí òun fúnra rẹ̀ yàn. Ó jókòó sí igun yàrá wa lọ́jọ́ kan, ó ń tẹ bọ́tìnnì léraléra, ó sì parí ṣáájú gbogbo wa. A pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìdánwò dé. Ẹ̀rọ kó ìbéèrè jáde kíákíá, inú wa dùn. Àwọn ọmọ wọlé, wọ́n sì bú sẹ́kún jáde. Ní kíláàsì tèmi, ọmọbìnrin kan láti Gouka tí kì í kùnà rárá fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, kò sì wojú mi.

Nígbà tí a tún pàdé, olùdámọ̀ràn ẹ̀kọ́ tó ń bójú tó wa, ọkùnrin kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gún bí abẹ́rẹ́, gbé èsì náà sára ògiri. Àwọn ìbéèrè tí a pè ní líle, iye ọmọ tí a retí ló gbà wọ́n. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a pè ní rírọrùn ni wọ́n kùnà.

Ó yíjú sí mi. “Madáàmù, ìwọ lo ń tọ́jú àkójọ náà. Dìde, ta ló fi àmì sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí?”

Ẹ̀rọ a máa fi orúkọ ẹni tó yàn án hàn, mo sì ti wò ó nílé. Ì bá ti dára tí mo bá ní kí á sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà mí ni. Mo ní, “Bàbá ni, sà.”

Bàbá Olùkọ́ rọra dìde. “Èwo nínú wọn?”

Mo ka ọ̀kan: oníṣòwò kan fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lé owó èso kajú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún dín owó tuntun náà kù. Ṣé owó ti padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀? Ṣàlàyé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ní ó ti padà síbẹ̀. Kò padà: ẹgbẹ̀rún kan di ẹgbẹ̀fà, ẹgbẹ̀fà wá di ẹgbẹ̀rún ó dín ogójì.

“Bàbá, ẹ pe èyí ní rírọrùn?” ni olùdámọ̀ràn wí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, “Ó rọrùn fún ẹni tó ti kọ́ ọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀.” Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó jáde níwọ̀nba, ṣùgbọ́n ó jáde lẹ́nu mi, Bàbá sì gbọ́ ọ. Ó kàn ká ìwé rẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” ó sì jókòó.

N kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ ìsinmi, mo ra bẹntiróòlù lọ́wọ́ ará Nàìjíríà tó ń tà á lẹ́bàá títì, mo gun alùpùpù mi lọ sí Tchetti. Mo bá a níwájú ilé, tó ń pa ẹ̀gúsí. Mo kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀.

“Dìde,” ó ní. “Kí lo ṣe?”

“Mo dójú tì yín, Bàbá.”

Ó gbé ẹ̀gúsí náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ibi tí wọ́n ní kí n ti yàn yẹn, n kò rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kùrukùru ni mò ń rí. Mo rò pé tí mo bá ń tẹ bọ́tìnnì náà lọ, yóò dára.”

Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Awọ funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ?”

“Kí n wí fún àwọn ọmọ tí mo kọ́ pé n kò ríran mọ́?”

Ojú wá tì mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. “Ó rọrùn” tí èmi gbé sílẹ̀ de àwọn èèyàn ló bọ́ sára gbogbo ìbéèrè rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un. Ó mi orí, ó ní kí n má sọ ti ojú òun fún ẹnikẹ́ni, mo sì jẹ́jẹ̀ẹ́ fún un.

Mo gbé kọ̀ǹpútà jáde. Mo ń ka ìbéèrè sókè, ó ń dáhùn: “Ìyẹn le, ìṣirò ẹ̀ẹ̀mejì ni, ọmọ yóò sì gbàgbé pé owó tuntun ni a ń dín kù. Èyí wà láàárín. Èyí rọrùn.” Mo fi ohun tó sọ wé iye ọmọ tó gba àwọn ìbéèrè tó jáde nínú ìdánwò, ọ̀pọ̀ wọn bára mu. Ibi tí kò bára mu, a jọ fi èsì àwọn ọmọ ṣe é.

Ní ìpàdé, mo sọ pé ojú ewé mi ló ní àléébù, mo sì ti sọ ibi tí a ti ń yàn di òfìfo: ìbéèrè kò ní wọlé mọ́ bí ẹni tó ni ín kò bá yàn fúnra rẹ̀. A tún pinnu pé lẹ́yìn ìdánwò kọ̀ọ̀kan, èsì àwọn ọmọ ni a ó fi tún àmì náà ṣe. Ṣùgbọ́n àwàdà ti ta gbòǹgbò. Bí ìbéèrè kan bá le koko, wọ́n á ní, “Rírọrùn ti Bàbá nìyí.” Nítorí ẹ̀jẹ́ tí mo jẹ́, mo máa ń pa ẹnu mọ́, tí màá sì máa wo ilẹ̀.

Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un báyìí. Òun ló pè mí pé kí n sọ ọ́ bí mo bá fẹ́, òun kò ní bínú. Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, olùkọ́ kékeré kan tún dá àpárá náà. Mo dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan ẹ̀rín tí mo rín. Olùdámọ̀ràn wo ọwọ́ ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní kí á ṣí ìbéèrè tó kàn.