Àwòrán Ẹ̀yìn Ìyá Akọrin

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí àbúrò ìyá mi jẹ́, ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ wò. Téèpù tó fi ń wọn aṣọ kì í kúrò níbẹ̀. Ó fi ń jẹun, ó fi ń sùn. Ọkọ rẹ̀ máa ń sọ pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn, òun rò pé ẹ̀gbà ọrùn tuntun ni, àfi ìgbà tí ìyàwó òun yọ ọ́, tó fi wọn èjìká akọ̀wé tó ń so àwọn pọ̀, tó sì sọ fún un pé kóòtù rẹ̀ fún un lábẹ́ apá.

Àǹtí Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kéré débi pé bí oníbàárà méjì bá wọlé, ẹ̀kẹta ní láti dá èémí dúró. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni Ìyá Akọrin gbé ìtìjú rẹ̀ wá.

Ìyá Akọrin ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin tó tóbi jù nílùú. Àgbàlagbà obìnrin ni, Ọlọ́run kò sì fi ẹran ṣahun sí i lára. Ẹ gbé iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò: kí ó kẹ̀yìn sí gbogbo gbọ̀ngàn, kí ó na apá méjèèjì sókè. Níbi orin wọn tó kọjá, bí apá ṣe ń gòkè ni aṣọ ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín sọ ní gbọ̀ngàn. Òun rò pé àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ ló ṣi ohùn mú, ló bá ń fi ojú bá wọn wí bí olè. Ilé ló dé kí àbúrò rẹ̀ tó sọ ohun tí gbogbo ayé rí fún un.

Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé òun yóò gbé ọ̀pá ìdarí fún igbákejì òun, kí òun jókòó sílé. Orin mìíràn sì ń bọ̀. Ó ní àfi bí òun bá kọ́kọ́ fi ojú ara òun rí bí ẹ̀yìn òun yóò ṣe rí nínú aṣọ tuntun, tapá-tapá, kí ẹnikẹ́ni tó gé aṣọ rárá.

Àǹtí mi ní kí ó jẹ́ kí òun fi fóònù ya ẹ̀yìn rẹ̀.

“Ẹ̀yìn mi ti di ìran wíwò tó,” ni Ìyá Akọrin wí. “Kò sẹ́ni tó máa yà á.”

Ó wá ku ọ̀nà kan. Àǹtí mi ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo irú ẹ̀rọ ayàwòrán tó wà lórí fóònù, èyí tí a máa ń kọ ọ̀rọ̀ lásán sí, tí yóò sì ya ẹni tí a kò bí rí, nínú aṣọ tí a kò rán rí. Ó ti ń fi han àwọn oníbàárà kí wọ́n má baà máa yí ọkàn padà lẹ́yìn tí àlùmọ́gàjí bá ti gé aṣọ. Ó tẹ ọ̀rọ̀ sí i lórí tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀: obìnrin olùdarí akọrin, kaba gígùn aláwọ̀ búlúù tó dúdú, apá gígùn, bọ́tìnnì róbótó níwájú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó na apá sókè nínú gbọ̀ngàn ńlá.

Ọmọge tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ̀ kan ló jáde, ó kọjú sí wa, ó ń fi eyín hàn bí ẹni tó ń polówó ọṣẹ ìfọyín. Orúnkún ni àwòrán náà pin sí.

Ọkọ àǹtí mi yọjú láti ẹnu ọ̀nà. “Ṣé eléyìí ló máa darí akọrin? Bí àwọn olóhùn òkè bá mí sí i báyìí, ó ti bá atẹ́gùn lọ.”

Àǹtí mi fi bàtà kún ọ̀rọ̀ tó kọ, bàtà dúdú tí kò ga, àti ilẹ̀ onípákó tó ń dán lábẹ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ tí a bá bèèrè bàtà lọ́wọ́ rẹ̀ ní láti wá ẹsẹ̀ tó máa wọ̀ ọ́. Odindi ènìyàn jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn pátápátá ni, torí ẹ̀rọ náà kì í tọ́jú ẹnikẹ́ni. Tuntun ló ń dá nígbà gbogbo. Ó kọ pé láti ẹ̀yìn ni kí wọ́n ti wò ó. Obìnrin náà kẹ̀yìn, ó sì yí ọrùn padà bí òwìwí kí ó lè rẹ́rìn-ín sí wa. Ó kọ ọ́ pé kó má wo kámẹ́rà. Ojú tó wá fi wo kámẹ́rà lọ́tẹ̀ yìí, onígbèsè kì í wo olówó bẹ́ẹ̀.

Àǹtí mi gbé fóònù sílẹ̀, ó ń fi téèpù nu ọwọ́. Ó ní, “Èmi ni mo ṣì í. Mo bèèrè bọ́tìnnì iwájú, mo bèèrè ẹ̀rín. Báwo ló ṣe máa fi wọ́n hàn mí tí kò bá yíjú?”

Ó bẹ Ìyá Akọrin kó kọjú sí ògiri, kó na apá sókè. Òun fúnra rẹ̀ gbé àpótí lọ sí ìta ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó bí ẹni tó sanwó wọlé wá gbọ́rin, ó sì ń kọ ohun tí ojú lè rí láti ibẹ̀ nìkan. Kámẹ́rà lẹ́yìn gan-an, ó lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó jìnnà tó láti gba orí dé bàtà. Irun tí a dì mọ́ ìpàkọ́. Síìpù gígùn láàárín ẹ̀yìn. Ìṣẹ́tí aṣọ tó kan ọrùn ẹsẹ̀. Iná pèpéle, àwọn akọrin tí kò hàn kedere níwájú rẹ̀. Kò sí ojú, kò sí ẹ̀rín, kò sí bọ́tìnnì.

Obìnrin náà kẹ̀yìn wàyí, kò sì yíjú. Àmọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ṣì rí.

“Kí lo kọ nípa ara mi?” Ògiri ni Ìyá Akọrin ń bá sọ̀rọ̀.

Ọkọ àǹtí mi rántí pé òun níṣẹ́ níbòmíràn.

“Mo kọ ọ́ pé ó sanra díẹ̀, mà.”

“Ta ló sanra díẹ̀? Ẹ̀rọ kì í ṣe àna mi, kí ló ń bọ̀wọ̀ fún mi sí? Kọ ọ́ pé ó sanra gan-an. Èjìká gbòòrò, ìdí ńlá, ẹni ọgọ́ta ọdún. Èmi ni mo ni ín.”

Àǹtí mi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó jáde, bí òkè bá ń múra lọ òde, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe rí. Apá méjèèjì nà gbọrọ sínú iná, búlúù náà dà wálẹ̀ láti èjìká dé ilẹ̀, àwọn akọrin sì dà bí ẹyẹ tó sá sábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Ìyá Akọrin gba fóònù. Ó wò ó, ó wò ó.

“Ẹni yìí rẹwà,” ló sọ. “Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi.”

“Kì í ṣe yín, mà. Kò sí irú rẹ̀ láyé. Aṣọ yẹn nìkan ni mo lè fún yín.” Àǹtí mi fi ìka kan ìṣẹ́tí tó wà nínú àwòrán. “Ẹ wò ó, apá lọ sókè, aṣọ ò mira. Irọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ yìí ò mọ̀ pé aṣọ máa ń gòkè. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn kù sí mi lọ́wọ́.”

“Gé e,” ni Ìyá Akọrin wí.

Àǹtí mi gé e. Ó fi ìrépé aṣọ onígun mẹ́rin sábẹ́ apá kọ̀ọ̀kan kí apá lè ráyè láìfa ara aṣọ, ó sì jẹ́ kí ẹ̀yìn gùn ju iwájú lọ. Mo ti rí àwọn tó ń kọ́ afárá tí kò ronú tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ orin, Ìyá Akọrin gun pèpéle, ó kẹ̀yìn sí gbọ̀ngàn tó kún fọ́fọ́, ó sì na apá. Wọ́n ní orin ọjọ́ náà dùn débi pé àwọn kan sunkún. Àǹtí mi kò lè jẹ́rìí sí i. Ó jókòó sí ìlà karùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń wo ìṣẹ́tí aṣọ kan tó kọ̀ láti kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀.