Kọ́mà Tí Ìyá Pọ́ìntì Ní Kí Wọ́n Yọ

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Pọ́ìntì fi ń yẹ iye owó wò nínú ìwé àdéhùn ní ọ́fíìsì lọ́yà. Ọjọ́ Ẹtì yìí ni yóò fẹ̀yìn tì. Ojú ń dùn ún, orúnkún ń ta á, iṣẹ́ náà sì ti sú u, ká má purọ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń gbé orí rẹ̀ sókè: wọn ò tíì rí àṣìṣe kan tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá rí.

Bíárò pupa ló fi ń yí gbogbo iye po. Yóò wò ó bóyá èyí tí wọ́n fi òǹkà kọ bá èyí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ mu, bóyá àmì owó kan náà ló wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bóyá "lóṣù" kò di "lọ́dún" lójú ìwé kejì.

Àdéhùn ìkẹyìn tó yẹ̀ wò jẹ́ ti télọ̀ kan tó fẹ́ yá ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ òkè òkun. Lọ́hùn-ún, €48.000 ni wọ́n ń kọ fún ẹgbẹ̀rún méjìdínláàádọ́ta, torí náà ó ní kí akọ̀wé sọ ọ́ di €48,000 bí ti ọ́fíìsì wọn. Nígbà tó rí kọ́mà nínú pásẹ́ǹtì owó ìtanràn, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

"Pásẹ́ǹtì ò ní ẹgbẹ̀rún nínú, ọmọ mi," ó wí fún akọ̀wé. "Yọ kọ́mà yẹn."

Lọ́jọ́bọ̀, bó ti ń to ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun sínú fáìlì, ojú rẹ̀ bọ́ sórí 2,5%. Pọ́ìntì ni kọ́mà lọ́hùn-ún! Nínú yàrá kejì, télọ̀ ti mú bíárò lọ́wọ́ láti buwọ́ lu 25% lóṣù gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn.

Ó lè dákẹ́. Ta ni yóò mọ̀? Ojú ti ń tì í kó tó dìde. Ó dìde ṣá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì buwọ́ lù ú. Méjì àti ààbọ̀ ni, kì í ṣe mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

Télọ̀ sọ bíárò sílẹ̀. "Háà! Tí mo bá pẹ́ san owó oṣù kan pẹ́rẹ́, ìdá kan nínú mẹ́rin ni wọn ì bá fi lé e! Ta ló ṣe é?"

Akọ̀wé wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sorí kọ́.

"Èmi ni," Ìyá Pọ́ìntì dáhùn. "Ọwọ́ tirẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́, ẹnu mi ló pàṣẹ."

Lọ́yà ní kí wọ́n tún ojú ìwé náà tẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó gbé ọ̀rọ̀ ìdágbére tó fẹ́ kà wá fún un.

"Ìyá, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan."

Ó kà á: ọdún 31, àṣìṣe 0. Ó fa bíárò pupa yọ, ó fagi lé òdo, ó sì kọ ọ́ bó ṣe yẹ kí wọ́n máa kọ iye: 1 (ẹyọ kan).