Kò Sí Mọ́, Kò Sí Rí

Ẹ gbà mí o! Bí ẹ bá mọ tọkọtaya mìíràn tó lè torí ọṣẹ ìwẹ̀ fẹ́ sọ àgbàlagbà di wèrè, ẹ kó wọn wá kí n fi tèmi kún un. Àbúrò mi ni ìyàwó, òun ló ń fi òrí ṣe ọṣẹ. Ọkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń kọ àpèjúwe ọṣẹ náà sí ìsọ̀ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi tí mo ju àwọn méjèèjì lọ ni mo ń di ọṣẹ sí páálí, èmi ni mo ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, èmi náà sì ni wọ́n ń bú.

Àbúrò mi yìí ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ rárá. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ, ó lè ti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kó má sọ ju "ó ti mọ́" lọ. Nígbà tí wọ́n ti ilé ìfọṣọ náà pa, kò sunkún, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó palẹ̀ yàrá ẹ̀yìn mọ́, ó kan pákó mọ́ ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ ọṣẹ. Á yọ́ òrí àti òróró àgbọn lórí iná jẹ́jẹ́. Á wọ ìbọ̀wọ́, á fi gíláàsì bo ojú, á bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí atẹ́gùn wà, á rọra da sódà tó ń jó ara sínú omi. Bí òróró àti omi sódà náà bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, á pò wọ́n pọ̀, á rò ó títí á fi ki, á dà á sínú àpótí onígi. Tó bá ti le, á gé e, á tò ó sórí pákó kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Bí ẹ bá ní kó ṣàpèjúwe ọṣẹ náà fún yín, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni, "Ọṣẹ ni. Ó ń fọ ara."

Ta ló máa ra ìyẹn? Ìdí nìyí tí a fi gbé iṣẹ́ àpèjúwe fún Tíṣà, a ò sì mọ̀ pé ìjàngbọ̀n la lọ fi owó rà. Ní kí Tíṣà kọ ìlà kan, á wàásù. "Ọṣẹ tí ń mú awọ ara rẹ́rìn-ín." Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni awọ ara ti ní eyín? Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé ó ń wo làpálàpá sàn. Àwọn tó ni ọjà íntánẹ́ẹ̀tì tí ìsọ̀ wa wà yọ ọṣẹ wa kúrò lórí àtẹ kíákíá. Wọ́n ní ohun tí ẹ bá ti sọ pé ó ń wo àrùn, oògùn lẹ pè é yẹn, oògùn sì ní òfin tirẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún wa. A bẹ̀bẹ̀, wọ́n dá a padà.

Ẹni tí wọ́n kìlọ̀ fún á gbọ́, àbí? Tíṣà tún lọ kọ ọ́ pé: "Kò ní sódà, kò sì ní in rí." Obìnrin kan tóun náà ń ṣe ọṣẹ rí i, ó fi ẹjọ́ wa sùn. Àtẹ̀jíṣẹ́ dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ọjà náà: ẹ tún un ṣe, ẹ kọ gbogbo èròjà síbẹ̀ kí ọjọ́ òní tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó ti ìsọ̀ yín pa. Ọṣẹ kún orí pákó, àbúrò mi ò sì ní ibòmíràn tó ń tà á. Wọ́n ti ti ibi iṣẹ́ kan pa mọ́ ọn lórí rí.

Mo gbé kọ̀ǹpútà síwájú ọkùnrin náà lórí tábìlì ìdáná.

"Tíṣà, yọ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, irọ́ kọ́ ni mo pa. Ọṣẹ tó ti gbẹ, sódà ò sí nínú rẹ̀ mọ́. Òun àti òróró ti jọ para dà di ọṣẹ. Kẹ́mísírì ni."

"Kẹ́mísírì kọ́, kẹ́mísírì ni! Wọ́n fẹ́ ti ìsọ̀ pa, ò ń kọ́ mi ní kẹ́mísírì!"

Àbúrò mi wọlé, ó ń nu ọwọ́. Ó ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ó ka àpèjúwe. "Òótọ́ ni pé kò sí mọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n 'kò sí mọ́' yàtọ̀ sí 'kò sí rí'. Òkú kì í ṣe ẹni tí wọn ò bí. Kò sí ọṣẹ tó ń di ọṣẹ láìsí sódà tàbí nǹkan bíi tirẹ̀."

Àfi bíi pé ó ti sọ ọ̀rọ̀ ọdún kan tán lẹ́ẹ̀kan náà. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ̀rọ̀. Ó yọ awọ ara tó ń rẹ́rìn-ín. Ó yọ "ẹwà àìkú", èyí tí n ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó yọ "kò ní sódà". Ó wá kọ òrí, ó kọ òróró àgbọn, ó kọ omi. Nígbà tó kan ìkẹrin, ó dáwọ́ dúró. Ó gbé ìka lé bọ́tìnnì, ó tún gbé e kúrò.

"Kọ ọ́ nísinsìnyí!" Inú ti bí mi kọjá ààlà. "Àbí ọ̀rọ̀ náà máa bù ọ́ jẹ ni?"

Tíṣà ń wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Mo wò ó pẹ̀lú, mo rí àpá tó wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

Mo mọ àpá yẹn. Nígbà tí ọṣẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Tíṣà ní òun á bá a ṣe é. Àbúrò mi lọ mú àpótí, kó tó dé, ọkọ rẹ̀ ti kó sódà sínú abọ́, ó sì ń da omi lé e lórí. Sódà ni wọ́n ń dà sínú omi, wọn kì í da omi lé sódà. Ó hó sókè gùdùgùdù. Àbúrò mi sáré já abọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ta sí i lọ́wọ́. A fi ọwọ́ náà sábẹ́ omi ẹ̀rọ títí, ilé ìwòsàn ló parí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Tíṣà ò wọ yàrá ẹ̀yìn mọ́. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Mo kàn rò pé ọ̀lẹ ni.

"Mi ò lè kọ ọ́," Tíṣà ní. "Bí mo bá ti fẹ́ kọ ọ́, ọwọ́ rẹ ni mò ń rí. Mo fẹ́ kó dà bíi pé kò sí níbẹ̀ rí."

Àbúrò mi fa àga, ó jókòó tì í.

"Kò jó yín," ó ní. "Èmi ló jó. Èmi tó jó yìí, mò ń dà á sómi lójoojúmọ́. Ẹ kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Ojú rẹ̀ kún fún omi, èmi náà sì dibọ́n pé mò ń wá téèpù. Ohun tí a fi ránṣẹ́ nìyí: "Ọṣẹ òrí tí a fi ọwọ́ ṣe. Èròjà: òrí, òróró àgbọn, omi, sódà. Sódà náà ti bá òróró para dà di ọṣẹ. A jẹ́ kó gbẹ kó lè le. Ó ń fọ ara." Kò pẹ́ tí àwọn tó ni ọjà náà fèsì pé ó dára.

Bí mo ṣe ń mí kanlẹ̀ báyìí, oníbàárà kan kọ̀wé wọlé: ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ń wo làpálàpá sàn? Mo lọgun pe Tíṣà kó wá jẹ́jọ́ ẹnu rẹ̀. Mo pè é títí, mo bínú dìde lọ wò ó.

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti rí wọn. Tíṣà ti wọ ìbọ̀wọ́, gíláàsì bo ojú rẹ̀, sódà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi wà nínú abọ́ níwájú rẹ̀. Àbúrò mi di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Èwo ló ń lọ sínú èwo?" ó bi í.

"Sódà sínú omi," ọkọ rẹ̀ ní.

"Ó yá, ẹ rọra dà á."

Mo padà sórí tábìlì, mo sì kọ̀wé sí oníbàárà náà fúnra mi pé rárá, kó lọ rí dókítà.