Ìwé Ojú Mẹ́rìnlá

Màmá Ta-Ni kì í ṣe ìbátan mi rárá, ṣùgbọ́n bí mo bá ń ka àwọn tó ṣe mí lóore, orí rẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Yàrá ìwé àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn ló ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, tó sì kó wá sí ìsàlẹ̀ ilé wa. Àwa wà ní àjà kẹrin, àtẹ̀gùn méjìlélọ́gọ́rin sókè. Mo mọ iye rẹ̀ dáadáa, nítorí láti ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń gbé wa ròkè, tí gbogbo wa ń pè ní lífìtì, ti dákẹ́, ẹsẹ̀ mi ló ń kà á.

Tèmi kéré. Ọkọ mi ni kò lè sọ̀ kalẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún rẹ̀, dókítà sì ti kìlọ̀ pé bí kò bá bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ìdárayá kí oṣù yẹn tó parí, ọwọ́ náà lè gan mọ́ ọn lára. Ojú fèrèsé ló ń jókòó sí ṣáá.

Bẹ́ẹ̀ àwa ará ilé náà ti ṣèpàdé lórí lífìtì yìí ní ọ̀sẹ̀ méje ṣáájú! Akọ̀wé wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bí o bá húkọ́, á kọ ọ́. Ojú ìwé mẹ́rìnlá ló kọ lọ́jọ́ náà, ó tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn kálukú, kò sì sẹ́ni tó kà á. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kúkú kún agbọ̀n.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo bú wọn bó ṣe wù mí. Mo ní aláìláàánú ni gbogbo wọn, pé ọkọ mi ń jẹrà lókè, wọ́n ń wò ó. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Màmá nọ́wọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹ ní kó pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ?"

Alága wo akọ̀wé. Akọ̀wé wo alága. "A ti gbà pé a máa pè é," ni alága fèsì.

"'A' wo? Ta ni?"

Níbẹ̀ ni orúkọ Ta-Ni ti mọ́ ọn lára. Ó ní kí wọ́n fún òun ní ìwé ìpàdé àkọ́kọ́ àti ọjọ́ kan.

Lọ́jọ́ kejì ó kan ilẹ̀kùn mi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìwé náà àti pẹ́ńsùlù lọ́wọ́. Ó ti fi ìlà pa ìkíni, àwàdà àti àríyànjiyàn rẹ́. Ohun tó kù kò ju ìlà mẹ́ta lọ, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tí a fẹnu kò sí, ẹni tí yóò ṣe é, ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí. Ojú ìwé kẹta ní kí alága mú kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ wá ní ọjọ́ Ẹtì. Ní ojú kọkànlá wọ́n ti yí i sí Ọjọ́rú. Ti ìgbẹ̀yìn ló mú. Ìlà kẹta, ẹni tí yóò dúró ti oníṣẹ́, kò ní orúkọ, ó sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ ní òfìfo.

"Ẹ kọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀, Màmá," ni mo sọ.

"Rárá o. Ohun tí wọn ò sọ, n kò ní sọ ọ́ fún wọn. Màá bi alága." Ó wá ṣí ojú ìwé kẹjọ. "Ìyàwó, jókòó ná. Ka ibí yìí."

Mo kà á: *Ìyá àjà kẹrin ní òun ní nọ́ńbà oníṣẹ́ ẹ̀rọ, òun yóò pè é lọ́la. Alága dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bàtà tí wọ́n ń tò sórí àtẹ̀gùn bẹ̀rẹ̀.*

Èmi ni ìyá àjà kẹrin náà. Ọ̀rọ̀ bàtà! Mo rántí rẹ̀ kedere, èmi ni mo jà jù, èmi ni mo borí, inú mi sì dùn délé. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi ń ṣépè fún àwọn aládùúgbò, èmi gan-an ni mo gbàgbé ọkọ mi sí ojú fèrèsé.

Màmá ò bá mi wí. "N kì í kọ orúkọ ẹni tí kò bá gbà," ló sọ. "Ṣé o ṣì lè ṣe é? Ìgbà wo?"

"Kó tó di aago mẹ́wàá lọ́la, Màmá."

Ó kọ ọ́, ó tún ní kí n kà á padà. Kó tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ìsàlẹ̀ ilé, ó ti ní kí alága fọwọ́ sí i, orúkọ akọ̀wé sì ti wọ àyè òfìfo. Ọ̀sẹ̀ méje tí mo fi gbàgbé kò sí níbẹ̀ rárá.

Aago mẹ́jọ ni mo pe oníṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ dé ní Ọjọ́rú, oníṣẹ́ sì tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ní Ọjọ́bọ̀, lífìtì gbé ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró ka ìwé ara ògiri, ó sì fi mí yangàn fún akọ̀wé: "Ìyàwó mi ló pè é!"

N kò lè gbé ìyìn náà mì. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ síbi ìtọ́jú, mo jẹ́wọ́ fún un, mo sì sunkún. Ahọ́n rẹ̀ ṣì wúwo nígbà náà.

"O kúkú… ṣe é," ló sọ.

Nígbà tí a débẹ̀, nọ́ọ̀sì fi ìka rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ọkọ mi, ó ní kó dì í mú. Mo mẹ́nu kúrò lórí àdúrà, mo ń wò. Ó dì í mú.