Oríkì Tí Olè Náà Ò Gbọ́

Ìyá mi kì í fi ọjọ́ ìbí ọmọ wọn ṣeré. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n á ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Ìbàrà, gèlè á wà lórí, wọ́n á gbé fóònù ti ife tíì, wọ́n á sì máa ki ọmọ tó ni ọjọ́ náà. Wọ́n á pe oríkì rẹ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á kì ọ́ dé ìdílé bàbá, wọ́n á kì ọ́ dé ti ìyá, wọ́n á wá fi àdúrà tì í lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé fídíò yẹn sórí pèèjì wọn, níbi tó jẹ́ pé àwa ẹbí nìkan la lè rí i. Ọdọọdún ni. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi.

Nígbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n, apá ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ, ọ̀rọ̀ sì bá a lọ. Apá ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ ò padà. Wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ, wọ́n á la ẹnu láti fèsì, ẹnu á kàn máa mì ni. Ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń sá lọ kí wọ́n má baà rí omijé mi. Fóònù tí wọ́n fi ya àwọn fídíò náà ti bọ́ sómi tipẹ́, nítorí náà, orí pèèjì yẹn nìkan ni ohùn wọn kù sí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń gbé ní Ọ̀bàńtokò, ni síìmù wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló sì ń bá wọn dáhùn àwọn tó ń kí wọn. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tó ń lo orúkọ ọ̀rẹ́ Màámi ní ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀wé pé àwọn nọ́ńbà kan ṣèèṣì wọ fóònù Màámi, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun fi ránṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́. A ò mọ̀ pé olè ti kọ́kọ́ gba pèèjì ọ̀rẹ́ náà, àti pé nọ́ńbà tó béèrè yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ti ìyá wa. Kó tó di ọ̀sán, ó ti yí páásíwọ́ọ̀dù padà, ó sì ń sọ fún àwọn ẹbí pé Màámi ń ta dọ́là.

Ẹ̀gbọ́n mi bá gba orí pèèjì tirẹ̀ lọ, ó kọ ọ́ síta gbangba pé wọ́n ti gba akáǹtì ìyá wa, ta ló lè ràn wá lọ́wọ́. Ẹnu yà mí lọ́jọ́ náà. Ẹ ti rí bí kòkòrò ṣe ń rọ́ wá síbi iná lẹ́yìn òjò? Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí èsì ti ń ya wọlé. Ẹnì kan ní wọ́n gba ti òun náà rí, ọkùnrin báyìí báyìí ló bá òun gbà á padà. Ẹlòmíràn tún sọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà, àṣìkọ kan náà. Àwọn tí a ò rí rí láyé wa, gbogbo wọn ń bá wa kẹ́dùn. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní ṣé wọ́n ti lúgọ de ẹkún wa tẹ́lẹ̀ ni?

Ẹ̀gbọ́n mi kàn sí ọkùnrin tí wọ́n ń júwe. Ó kí wa kú ìrọ́jú, ó ní òun ń bá ilé-iṣẹ́ tó ni ìkànnì náà ṣiṣẹ́. Ó gba owó ìforúkọsílẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní òun ti wọlé, ó sì fi àwòrán pèèjì náà ránṣẹ́ bí ẹ̀rí, orúkọ Màámi àti fọ́tò wọn wà níbẹ̀. Ó wá ku owó irinṣẹ́ tí òun máa fi ṣí i, ìyẹn sì ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì. Bí a ò bá tètè san án, gbogbo fídíò máa pa rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù náà wá bá mi ní Ìbàrà, ojú rẹ̀ ti wú, ó ti fẹ́ fi owó ránṣẹ́. Ó ní ohùn Màámi la fẹ́ rà, ìgbà wo la fẹ́ máa ṣírò owó?

Èmi kì í ṣe onísùúrù. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ àti fọ́tò, ẹni tó bá ń kọjá lọ níta lè rí wọn. Inú yàrá ni fídíò wà. Ẹni tó bá ti wọlé lóòótọ́, ó yẹ kó mọ ohun tó wà ní yàrá. Mo di bọ́tìnì tí wọ́n fi ń gba ohùn mú, mo sì fi ìbínú sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni, bó o bá ti wọ pèèjì ìyá mi lóòótọ́, oríkì wo ni wọ́n fi ń pè mí níbẹ̀rẹ̀ fídíò ọjọ́ ìbí mi?"

Màámi wà lórí àga wọn lẹ́yìn mi. Àwọn ni wọ́n dáhùn.

Wọ́n pe oríkì mi. Mi ò ní kọ ọ́ síbí o, mo ti kọ́gbọ́n. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n sì kì mí bọ́ sí ìdílé bàbá mi. Ohùn náà ń gbọ̀n, àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọnù níbẹ̀. Orí mi wú. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ wọn mú. Ìgbà tí wọ́n dákẹ́ ni mo tó rántí pé ìka mi ṣì wà lórí bọ́tìnì. Mo gbé e kúrò, ohùn tí mo gbà sílẹ̀ bá lọ bá ọkùnrin náà.

Ẹ bá mi wò ó. Ìdáhùn ìbéèrè mi wà nínú ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí i. Kó kàn tún un sọ fún mi ni. A rí àmì pé ó ti tẹ̀ ẹ́ gbọ́. Bóyá ibi tí ìbéèrè mi parí sí ló ti dá a dúró, bóyá ó gbọ́ ọ tán, tó sì rò pé ìyá àgbà kan ló ń sọ tiwọn. Èsì dé.

"Òfin iṣẹ́ wa ò gbà ká sọ ohun tó wà nínú akáǹtì. Ẹ sanwó, ẹ máa rí i fúnra yín."

Ẹ̀gbọ́n mi kà á, ó nu ojú. "Kò wọ ibì kankan," ló sọ.

A fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ìkànnì náà, a sì dí i lọ́nà. Bánkì gbọ́ ẹjọ́ owó àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n owó náà ò padà. Nígbà tí ara wa balẹ̀, a ṣí í-méèlì tí Màámi fi forúkọ sílẹ̀. Lẹ́tà ilé-iṣẹ́ tó ni ìkànnì náà gan-an ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí olè ti yí nǹkan padà: bí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ ṣe é, ẹ tẹ ibí. Ọ̀fẹ́ ni. A ṣí ìkànnì wọn fúnra wa, a rí i pé ibẹ̀ náà ni wọ́n ní ká gbà, a tẹ̀ ẹ́, wọ́n béèrè fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ Màámi, a fi sílẹ̀, a dúró. Pèèjì náà padà, tòun ti fídíò.

Nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ wá wò wọ́n ní òun ti rí irú rẹ̀ rí. Ó ní ohun tí èèyàn bá ti mọ̀ sórí láti ọjọ́ pípẹ́, bí orin tàbí àdúrà, a máa ṣẹ́ kù nígbà mìíràn tí ọ̀rọ̀ bá lọ. Mo gbọ́ àlàyé rẹ̀, síbẹ̀ ìyanu ni lójú mi. Títí dòní, Màámi ò lè sọ pé ká fún wọn lómi. Bí mo bá sì béèrè oríkì mi, wọ́n á pè é.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ pa gbogbo ọ̀rọ̀ òun àti olè tó pe ara rẹ̀ ní olùrànlọ́wọ́ yẹn rẹ́ kúrò lórí fóònù, ó ní ìtìjú ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílẹ̀. Irọ́ ọkùnrin náà ló kún ibẹ̀ látòkè délẹ̀, àárín irọ́ yẹn sì ni ìyá mi ti ń pè mí.