Ẹgba Mẹ́fà fún Àbọ̀ Gbólóhùn Mẹ́fà

Ní ilé-ìwé mọ́dà, ọlọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí mo ti ń kọ́ni n'Íjẹ̀bú-Igbó, láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìlànà kan wà tí mo bá níbẹ̀: ẹgba kan lọ́wọ́ fún àmì pupa kan nínú àròkọ. Ọ̀gá wa tún fi tirẹ̀ kún un. Ẹni tí àròkọ ìparí rẹ̀ bá ní ju àmì pupa márùn-ún lọ, òun kò ní fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀ láti lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ọgọ́ta ìwé ni mò ń máàkì lọ́sẹ̀. Ó máa ń rẹ̀ mí débi pé ọwọ́ mi a ti fa gègé pupa kí ojú mi tó ka ọ̀rọ̀ tán.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì ìparí, ọmọ apẹja láti Efire. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ ló ń gbé. Bàbá rẹ̀ ti kú, kò sì sí ẹni tí yóò rán an lọ síbòmíràn bí fọ́ọ̀mù yẹn bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nínú àròkọ ìparí tí mo fún wọn, “Ọjọ́ Kan Tí Mi Ò Lè Gbàgbé”, ohun tó kọ nìyí:

“Ọkọ̀ bàbá mi yọ lójú omi. Òfìfo. Àjẹ̀ kan ṣoṣo.”

Mo fàlà pupa sábẹ́ “Òfìfo”, mo fà á sábẹ́ “Àjẹ̀ kan ṣoṣo”, torí kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe níbẹ̀. Mo tún rí mẹ́rin irú rẹ̀ níwájú. Lọ́jọ́ kejì ó tẹ́ ọwọ́, mo nà án lẹ́gba mẹ́fà. Kò sunkún. Ẹni tó jókòó tì í, ọmọ Òrù, gba mẹ́ta nítorí irú èyí: “Nítorí pé òjò ń rọ̀. A kò lọ sóko.”

Nígbà tí wọ́n túká, ọmọbìnrin náà dúró.

“Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé kò pé,” ló wí.

Mo ní kó kọ èyí tó pé fún mi. Kò ronú rárá: “Ọkọ̀ bàbá mi yọ lójú omi ní òfìfo, àjẹ̀ kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀.” Kò sí àléébù kankan.

“Kí ló dé tí o kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?”

“Kò dé bá wa bẹ́ẹ̀, sà. Ọkọ̀ la kọ́kọ́ rí. Inú wa dùn. Ìgbà tó sún mọ́ wa la tó rí i pé kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀.”

Mo pe ọmọ Òrù padà, mo ní kó ka tirẹ̀ sókè. Ó ka “òjò ń rọ̀ a kò lọ sóko” lọ láìmí, kò tilẹ̀ rí àmì ìdánudúró tó fi sáàárín. Mo bi í léèrè ìdí tó fi fi í síbẹ̀. Ó ní ìlà ló ti kún. Ojú tì mí. Gègé kan náà ni mo fi fa ti àwọn méjèèjì.

Mo gbé ìwé ọmọbìnrin náà lọ bá ọ̀gá. Mo rán an létí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi.

Ọ̀gá ní, “Òwe yẹn kò sí nínú ìlànà máàkì. Ta ló máa tẹ̀ lé ọmọ yìí lọ sílé ìdánwò láti ṣàlàyé? Kó tún un kọ.”

Ó yẹ kí n jiyàn. Ìwé ọgọ́ta ń dúró dè mí lórí tábìlì, ó sì ti rẹ̀ mí ju ẹni tí ń jiyàn lọ. Mo padà lọ sọ fún ọmọ náà pé kó dí gbogbo àlàfo rẹ̀. Ó jókòó, ó sì dí i. Àmì pupa kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀gá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, ọmọ wa sì di olùkọ́.

Kò gbàgbé mi. Lọ́dọọdún ló ń kọ lẹ́tà sí mi, mo sì ń yangàn nípa rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Ọdún kan, lẹ́tà rẹ̀ dé láìtó àkókò. “Ìyá mi jáde láyé ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀, a sì sin wọ́n lẹ́yìn ìrun ní ọjọ́ náà gan-an. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì ń kí yín, sà.”

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mò ń wá ibi tí ó ti dánu dúró. Gbogbo gbólóhùn rẹ̀ ló pé.